Kámúrì tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lórí ọ̀dà gbígbẹ

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ti mọ́tò yìí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bó ṣe lọ, torí ẹni mẹ́ta ló ti fọwọ́ kàn án kó tó dọ́dọ̀ mi, èmi náà sì kọ́kọ́ ṣìnà díẹ̀ kí n tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Kámúrì 2010 ni, tọ́kúnbọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tá a máa ń pè ní Mọ́sù, oní púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Tíṣà ni ìyá tó ni ín, Ìbàdàn níbí ló ń gbé, ní àdúgbò kan tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, ó sì máa ń wà á lọ sí Ọ̀yọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, òkè kan wà tó gbọ́dọ̀ gùn kó tó délé, ilẹ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀, ẹ mọ bí ilẹ̀ pupa ṣe máa ń dà lójò, bíi kéèyàn fi ọṣẹ pa á. Ó tẹ tọ́tùlù, táyà iwájú ń yí lórí ẹrẹ̀, ló bá rí iná yẹ́lò kan ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí ò rí rí, àwòrán mọ́tò kékeré tí ìlà méjì tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú kíákíá. Mọ́tò náà wá rọ̀ lójijì bíi pé ẹnì kan dì í mú látẹ̀yìn, ó tún ń gbọ́ tìrìrì tìrìrì kan níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣáà gun òkè náà dé orí, ló bá di pé iná kú, mọ́tò ń lọ dáadáa. Ọjọ́ kejì tí òjò tún rọ̀, nǹkan kan náà. Ẹ̀rù bà á.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ yẹn ni, màá ní kó máa lọ sílé ni, kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò yẹn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́tò yẹn ló ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ tó ń ka bó ṣe ń yí. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fa táyà iwájú ni Kámúrì, táyà ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni, kò sí agbára kankan lára wọn. Nítorí náà kọ̀ǹpútà ABS, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há tó o bá tẹ bírékì, á máa fi iwájú wé ẹ̀yìn, tí iwájú bá ń sáré ju ẹ̀yìn lọ nígbà tó ò tẹ bírékì, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló fún un: táyà iwájú ń yọ̀. Á wá sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì pé kó dín agbára kù, ìyẹn ni rírọ̀ tí ìyá yẹn rí, á sì fi bírékì di táyà tó ń yọ̀ jù mú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, pọ́ǹpù ABS ló ń dún tìrìrì yẹn nígbà tó ń ṣe é. Iná tó ń ṣẹ́jú ní àkókò yẹn, ńṣe ló ń bá dírẹ́fà sọ̀rọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀ o, mo ń báṣẹ́ lọ, rọra tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ, á kú fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí mọ́tò yẹn nílò ni táyà iwájú méjì, torí àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti pá bí orí bàbá àgbà.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló kọ́kọ́ wá. Mẹkáníìkì tó ń ṣe mọ́tò fún un sọ fún un pé ABS ló fẹ́ kú, pé kí wọ́n wá pọ́ǹpù tọ́kúnbọ̀ rà. Owó yẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ló kó o yọ nìyẹn. Ará àdúgbò rẹ̀ kan tó jẹ́ dírẹ́fà ló wá wo táyà náà tó ní màmá, táyà yín ló pá, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni dírẹ́fà yẹn sọ, àmọ́ látinú òótọ́ yẹn ni wàhálà gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá lọ bá fọkanáísà, ó ní táyà iwájú méjì ni òun fẹ́, fọkanáísà wo ríìmù, ó rí i pé 16 ni, ó mú tọ́kúnbọ̀ méjì tó dáa tí nọ́ńbà ríìmù wọn jẹ́ 16, ó fi wọ́n wọ̀ ọ́, ó gba owó ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka nọ́ńbà tó kù lára táyà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá ń lọ sí Ọ̀yọ́, oòrùn ń ràn, ọ̀dà gbẹ kankan. Ó fẹ́ yọ sílẹ̀ kó kọjá lára tírélà kan níbi òkè kan, ó tẹ tọ́tùlù dáadáa, iná mọ́tò kékeré yẹn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mọ́tò rọ̀ pátápátá. Ó wà lójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, tírélà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ́tò ò fà. Ó sọ fún mi pé òun ò mọ bí òun ṣe padà sẹ́yìn tírélà yẹn lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe délé ó lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀, ó ní mọ́tò ò fà mọ́. Tóò, mọ́tò tí ò fà, kí ni mẹkáníìkì á ṣe? Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ tọ́tùlù bọ́dì, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Owó ńlá. Kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì tó ní sìkánà, sìkánà kékeré yẹn táwọn èèyàn máa ń kì bọ abẹ́ sítíárìn tí wọ́n á fi fóònù wò ó. Ó ní kò sí kóòdù àléébù kankan, mọ́tò yín dáa. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ sìkánà kékeré yẹn, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, kò dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ABS rárá, bó ṣe ní kò sí kóòdù yẹn dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé kan ṣoṣo tó wá ní kò sẹ́nì kankan ládùúgbò. Àmọ́ mi ò ní dá a lẹ́bi tán, torí ká tiẹ̀ ní ó dé ọ̀dọ̀ ABS lọ́jọ́ yẹn, kò ní rí kóòdù níbẹ̀ náà. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Ẹnì kẹta, rìwáyà bíi tèmi, òun ló wá ṣe èyí tó burú jù. Ó mọ̀ pé ABS ló ń fa iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, ibi tó mọ̀ dé nìyẹn, ló bá sí ike abẹ́ mọ́gáàdì iwájú lápá òsì, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ táyà ibẹ̀, ó fi téépù dúdú wé e, ó so ó mọ́ waya mìíràn. Ó ní kí ìyá lọ tẹ́ ẹ wò. Mọ́tò fà! Iná ò ṣẹ́jú mọ́! Àmọ́ iná ABS tàn, VSC tó jẹ́ ti ètò tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà tàn, TRAC OFF tó ń sọ pé tráṣọ̀n, ètò tó ń dín agbára kù tí táyà bá ń yọ̀, ò ṣiṣẹ́ mọ́ náà tàn, gbogbo wọn dúró síbẹ̀ tí wọn ò ṣẹ́jú. Ìyá bi í léèrè, ó ní, "Màmá, iná lásán nìyẹn, ẹ má wò ó, ṣebí mọ́tò yín ti ń fà."

Ibí yìí ni gbogbo ìtumọ̀ iná méjèèjì ti yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rò pé iná tó ń ṣẹ́jú ni àìsàn, iná tó dúró ni ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tó ń ṣẹ́jú, ètò yẹn ń ṣiṣẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Ìgbà tó wá tàn tó dúró, ó ti káwọ́ kúrò lórí iṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ kan ti kú lójú rẹ̀, kò lè mọ bí táyà yẹn ṣe ń yí, kò wá lè dá sí bírékì mọ́, kò lè dá sí ẹ́ńjìnnì, ló ṣe jẹ́ pé mọ́tò ń fà. Bírékì lásán ló kù fún ìyá, bíi ti mọ́tò àtijọ́, kò sì mọ̀.

Oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, òjò tún rọ̀ nírọ̀lẹ́, ọlọ́kadà kan já wọ iwájú rẹ̀, ó tẹ bírékì mọ́lẹ̀ bí gbogbo wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Táyà iwájú méjèèjì há, ó ń yí sítíárìn, mọ́tò ò gbọ́, ó ń lọ tààrà ni, ó yọ̀ wọ gọ́tà. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọlọ́kadà ti lọ, àmọ́ iná iwájú kan fọ́, bọ́ńpà fà ya. Mọ́tò yẹn dọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì, kí n tún iná ṣe ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé e wá, kì í ṣe nítorí VSC rárá.

Mo ṣíná, mo rí iná mẹ́ta tó dúró yẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ìgbà wo niná yìí ti wà báyìí?" Ó wá ń to gbogbo ìtàn tí mo kọ sókè yìí fún mi, ó ní, "Ọ̀gá, ìgbà tó ń ṣẹ́jú, mọ́tò ò lọ. Ìgbà tí ò ṣẹ́jú mọ́, mọ́tò ò dúró." Mo ní kó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ìṣòro méjì ló wà nílẹ̀, èkejì gorí èkíní, àti pé èkejì yẹn, ènìyàn ló fọwọ́ ara ẹ̀ dá a sílẹ̀.

Sìkánà tèmi ń wọ ABS. Mo wọ̀ ọ́, kóòdù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, C0205, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ táyà iwájú òsì ní Tòyótà. Ibí ni mo ti fẹ́ ṣìnà. Mo ti ní kọ́mọ iṣẹ́ mi lọ bá wa wá sẹ́ńsọ̀ wá, ó ti ń wá owó tí yóò fi wọkọ̀, kí n tó sọ fún ara mi pé jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo waya ná. Mo sí ike mọ́gáàdì, téépù dúdú ni mo bá. Mo tú u, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́, kò dípẹtà, etí rẹ̀ ò kán. Mo kì í padà, mo pa kóòdù rẹ́, mo wà á jáde, ABS àti VSC kú, kò padà. Tí mo bá ti jẹ́ kó ra sẹ́ńsọ̀ yẹn ni, tá a kì í bọ̀ ọ́ tí iná sì kú, gbogbo wa là bá máa sọ káàkiri pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́.

Mọ́tò wá padà sí bó ṣe wà kí rìwáyà yẹn tó fọwọ́ kàn án. Mo gbé e lọ sí òkè kan tó ní ọ̀dà dáadáa, ó gbẹ, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ́jú, mọ́tò rọ̀. Inú mi dùn ná, torí iṣẹ́ tí ò bá fara hàn ni ò ṣeé ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo dúró, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń pa tráṣọ̀n, TRAC OFF jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo tún gun òkè yẹn kan náà, mo tẹ tọ́tùlù bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ níṣàájú. Mọ́tò gbéra bí ẹṣin. Kò ṣẹ́jú, kò rọ̀. Ó ti hàn pé ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní àléébù kankan, pé ètò tráṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń dín agbára kù. Púlọ́ọ̀gì, fífọ tọ́tùlù, pọ́ǹpù epo, gbogbo owó yẹn, bọ́tìnnì kan ló lè gbà á sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má fún oníbàárà ní bọ́tìnnì yẹn bíi wòsàn o, mo mọ àwọn tó ń sọ fún èèyàn pé tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ máa tẹ ibí. Tẹ́sìtì lèyí, tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí, ẹ tún un tẹ̀ padà.

Ó wá ku ká mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi rò pé táyà ń yọ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ. Mo fi ọkàn sí sẹ́ńsọ̀ òsì yẹn, torí pé òun ni kóòdù dárúkọ, ẹni tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn kàn lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ kì í mọ́ mọ́. Mo ní kọ́mọ iṣẹ́ mi jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ṣí ojú ibi tí sìkánà ti ń fi eré táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní kó máa kà á sókè fún mi. A wá ọ̀nà tó tẹ́jú, tó gún, mo gbé e dé kìlómítà 60 ní wákàtí kan, mo dá ẹsẹ̀ dúró lójú kan.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yìn òsì 60. Ẹ̀yìn ọ̀tún 60. Iwájú ọ̀tún 63."

Mo ní òsì ńkọ́? Mò ń retí kó pe 50 tàbí òdo tàbí kó máa fò.

Ó ní, "63 náà ni, sà."

Mo ní kó tún un kà, 63 àti 63. Mo gbé e dé 80, ẹ̀yìn jẹ́ 80, iwájú jẹ́ 84. Kò fò, kò já, ó ń bá eré mọ́tò lọ sókè sódò. Sẹ́ńsọ̀ tó bá ń kú, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń já sí òdo lójijì ni, tàbí kó máa gbọ̀n, pàápàá tí mọ́tò bá rọra ń lọ. Sẹ́ńsọ̀ méjì ò lè pàdé pọ̀ kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti pa irọ́ tó dọ́gba. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Táyà iwájú yẹn ń yí ju ti ẹ̀yìn lọ lóòótọ́, láìyọ̀ rárá.

Mo páàkì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ka ara táyà. Ẹ̀yìn: 215/60R16. Iwájú: 205/55R16. Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́fà, mo wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ibẹ̀: 215/60R16. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ ló rò pé tí 16 bá ti bá 16 mu, ó parí. 16 yẹn, ríìmù nìkan ló ń sọ, íńṣì 16, ìyẹn mìlímítà 406. 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 60 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jẹ́ ìdá 60 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn 129. Rọ́bà wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi kún 406, ó di bíi 664. Ti iwájú, ìdá 55 nínú 100 ti 205 jẹ́ bíi 113, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi kún 406, ó di bíi 632. Mìlímítà 32 ló fi kéré, kò tó ìka méjì fífẹ̀, ojú lásán ò ní rí i tí mọ́tò bá dúró nílẹ̀. Àmọ́ láàárín kìlómítà kan, táyà ẹ̀yìn á yí nǹkan bíi ìgbà 479, ti iwájú á yí bíi 504. Ìdá 5 nínú 100 nìyẹn. 60 di 63. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ mi kà gan-an nìyẹn.

Ọmọ náà bi mí ní ìbéèrè tó dáa, ó ní tó bá jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni iwájú fi ń sáré ju ẹ̀yìn lọ, kí ló dé tí kì í ṣẹ́jú nígbà gbogbo? Mo ní, wò ó, kò sí táyà tó ń fa mọ́tò tí kì í yọ̀ díẹ̀, kódà lórí ọ̀dà tó dáa, tó o bá tẹ tọ́tùlù. Díẹ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ó máa ń fojú fò ó. Tó o bá rọra ń lọ, 5 yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, ó ṣì ń fara dà á. Àmọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́ lórí òkè, yíyọ̀ díẹ̀ yẹn á wá gorí 5 tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, á kọjá ibi tó lè fara dà, á dá sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ìyá bá fẹ́ kọjá lára tírélà lórí òkè ló ń ṣe é, ìgbà tó nílò agbára jù lọ.

Ìdí nìyẹn náà tí ò fi sí kóòdù. Waya tó já, sẹ́ńsọ̀ tó dákẹ́, nọ́ńbà tí ò ṣeé gbà gbọ́, ìwọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀ bíi kóòdù, àwọn ló sì ń jẹ́ kí iná tàn kó dúró. 63 níwájú, 60 lẹ́yìn, kò sí nǹkan tí ò ṣeé gbà gbọ́ níbẹ̀, bí táyà tó ń yọ̀ ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Lójú kọ̀ǹpútà, mọ́tò ìyá yìí wà lórí ẹrẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ kọ sílẹ̀?

Ọmọ iṣẹ́ mi tún ní ṣé ká wá gbé ti iwájú sẹ́yìn, ká gbé ti ẹ̀yìn síwájú, kí màmá má ná owó táyà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí o, torí ó máa dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Tí èyí tó kéré bá lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn lá máa ka 63, iwájú á máa ka 60, tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tùlù kò ní ṣẹ́jú, mọ́tò á fà. Àmọ́ táyà iwájú tó ń yọ̀ lóòótọ́ á ti yọ̀ dáadáa kó tó lé ẹ̀yìn bá, ètò náà á máa pẹ́ dé. Tẹ́ ẹ bá sì tẹ bírékì, iwájú tó lọ́ra ju ẹ̀yìn lọ, lójú ABS, ó jọ táyà tó ti fẹ́ há. Ẹ kàn gbé irọ́ kúrò níbi tí wọ́n ti ń rí i lọ síbi tí wọn ò ti ní rí i ni.

Ìyá ra táyà tuntun méjì, 215/60R16, a wọ̀ wọ́n, a fẹ́ atẹ́gùn sí wọn bí bébà ẹnu ilẹ̀kùn ṣe wí. Mo tún gbé e jáde pẹ̀lú sìkánà: 60, 60, 60, 60, nígbà mìíràn ọ̀kan á pe 61 á tún padà. Òkè tó ní ọ̀dà, mo tẹ̀ ẹ́ bí wèrè, kò ṣẹ́jú.

Àmọ́ mi ò tíì gbé mọ́tò fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń dúró síbi tí iná ò ti ṣẹ́jú mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni rìwáyà ìjelòó náà ṣe dúró síbẹ̀. Mo ní ká lọ sí òkè àdúgbò ìyá náà gan-an, òjò ti rọ̀ lóru, ìyá jókòó lẹ́yìn. Mo dé ibi tí ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù, mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ tọ́tùlù kí táyà lè yí lásán. Iná mọ́tò kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mo gbọ́ tìrìrì. Ìyá pariwo lẹ́yìn, "Yéè, ó tún ti dé!" Mo ní ma, èyí là ń wá o. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, táyà di ilẹ̀ mú, iná kú, a gun òkè lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé tó bá ṣẹ́jú níbi tó ń yọ̀, kó dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ́tùlù, kó máa lọ. Tó bá ṣẹ́jú níbi tí ò yọ̀, kó pè mí. Tó bá tàn tó dúró, kó rọra máa wa mọ́tò bí ẹni tí ò ní ABS, kó sì pè mí lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Ó pè mí lóòótọ́, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. VSC àti TRAC OFF ti tàn, wọ́n dúró, ó ní ṣé táyà ni, ṣé kóun padà lọ bá ẹni tó ta táyà. Mo bi í lórí fóònù pé ABS ńkọ́, ṣé ó tàn? Ó ní rárá. Mo ní iná ẹ́ńjìnnì, èyí tó jọ ìkòkò, ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà tàn. Mo ní ṣé ẹ ra epo láìpẹ́ yìí? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní báwo lẹ ṣe mọ̀.

Bó ṣe rí nínú àwọn Tòyótà yìí nìyẹn. Tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bá rí àléébù lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ètò tráṣọ̀n ò ní gbára lé e mọ́ láti dín agbára kù, á pa ara rẹ̀, á tan iná tirẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá wọ ABS, C1201 lẹ máa bá, ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé lọ wo ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, P0455 ló wà níbẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ epo tó ń jò púpọ̀. Ọmọ ilé epo ò dé ìdérí táńkì dáadáa, ó kàn gbé e lé e ni. Mo dé e títí ó fi dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, mo pa kóòdù rẹ́, gbogbo iná kú. Mi ò gbowó. Mo mọ àwọn tó ti ra sẹ́ńsọ̀ ABS mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí irú iná yìí.

Látìgbà yẹn, mo ti yí bí mo ṣe ń gba mọ́tò padà. Tí oníbàárà bá ní iná VSC tàn, ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó ń ṣẹ́jú ni àbí ó dúró, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan sìkánà, torí pé tó bá ń ṣẹ́jú, sìkánà lè má ní ohun kankan sọ fún wa, ara táyà la máa kọ́kọ́ kà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀, ká tún wo bó ṣe pá sí, lẹ́yìn náà la máa wo eré táyà lójú sìkánà. Tó bá dúró, a máa wò bóyá ABS bá a tàn tàbí iná ẹ́ńjìnnì ló bá a tàn, ìyẹn ló máa sọ bóyá ẹsẹ̀ táyà la máa lọ tàbí ẹ́ńjìnnì.

Ohun kan tún wà tí mo fi kún un, ìyẹn ni ká ṣíná láì sítáàtì, ká ka iná. ABS, VSC, mọ́tò kékeré, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tàn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí wọ́n tó kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé Kọ̀róólà kan wá, ẹni tó fẹ́ rà á ló ní ká bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó mọ́ tónítóní, kò sí iná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣíná, ó kà wọ́n, ó ní, "Ọ̀gá, ABS ò tàn rárá." A tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà, wọ́n ti fi péńtì dúdú kun ẹ̀yìn ibi tí iná ABS ti ń yọ jáde. A kì sìkánà bọ̀ ọ́, sẹ́ńsọ̀ méjì ló ti kú níbẹ̀.